Ọjọ́ 30 péré ni lẹ́tà tí o pa rẹ́ ní Gmail ní

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Kàbbà, níbi tí mo ti lọ ṣe fọ́tókọ́pì: “Ímeèlì kì í sọnù. Bó o bá pa á rẹ́ lónìí, o lè gbà á padà lọ́dún tó ń bọ̀.” Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí gbọ́ ọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa lẹ́tà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Wọ́n á ní Google ń kó ohun gbogbo pamọ́. Bó tilẹ̀ ń kó o pamọ́, ọwọ́ tìrẹ kò tó o.

Àbúrò mi tó ń kọ́ni ní Ìsánlú pè mí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. “Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n mi. Rìsíìtì owó ilé-ìwé ọmọ mi ti lọ.” Oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ni rìsíìtì náà wọlé, ọjọ́ 4 oṣù kẹta ló pa á rẹ́. Ó ti wá a títí, kò rí i, torí pé Gmail kì í wo inú Trash, ibi tí lẹ́tà tí a pa rẹ́ ń lọ, bí o bá kàn ń wá lẹ́tà lásán. Mo ní kó tẹ èyí síbi tí a ti ń wá nǹkan:

```
in:trash receipt
```

Ó yọjú. Ó ṣí i, ó tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè, ó yan “Move to”, ó sì dá a padà sí Inbox. Ọjọ́ 5 ló kù fún un.

Ibí gan-an ni irọ́ náà ti ń rí ẹsẹ̀ dúró. Ọjọ́ tí lẹ́tà wọlé ni Trash ń fi hàn, kì í ṣe ọjọ́ tí o pa á rẹ́. Ẹni tó bá rí “September” lára rẹ̀ á ní lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lòun gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 25 ni. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá bọ́ sínú Trash ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti lé ní 30, Gmail á pa á rẹ́ pátápátá. Bí o bá sì fọwọ́ ara rẹ tẹ “Delete forever”, kò tún sí ọjọ́ kankan mọ́.

Ó dáa, ẹni tó ń lo Gmail tí iléeṣẹ́ rẹ̀ sanwó fún lè bẹ alábòójútó wọn, ọjọ́ 25 ṣì wà fún ìyẹn lẹ́yìn tí lẹ́tà bá kúrò nínú Trash. Gmail ọ̀fẹ́ tiwa yìí kò ní in.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ 2 oṣù kejì ni mo ṣèèṣì pa àwòrán ilẹ̀ bàbá wa rẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní yóò wà níbẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹta ni mo tó wá a. Trash ṣófo. Sọ́fíyọ̀ ni mo padà lọ bá, owó tuntun ló sì gbà lọ́wọ́ mi.