Fọ́tò Iwájú

Wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ó jọ pé òwe yìí ò tíì dé etí àwọn ọkùnrin tó ń wá aya lórí fóònù.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n kan báyìí. Fọ́tò mẹ́fà ló kó sórí áàpù ìwá-olólùfẹ́. Nínú èkíní, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò tí kì í ṣe tiẹ̀, awò dúdú sì bo ojú rẹ̀. Ìkejì, ọkùnrin márùn-ún ló tò síbẹ̀, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun; ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo lẹ̀gbọ́n, kó lọ dífá. Ìkẹta jẹ́ àyà àti apá, orí ò sí níbẹ̀. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo òkun. Ìkẹfà wàyí! Ojú rẹ̀ ló hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dáa, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ débẹ̀?

Lọ́dún 2006, àwọn olùṣèwádìí méjì, Janine Willis àti Alexander Todorov, fi hàn pé tí èèyàn bá rí ojú ẹni tí kò mọ̀ rí fún ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó ti pinnu bóyá onítọ̀hún ṣeé fọkàn tán. Bí wọ́n bá fi àkókò kún un, ohun tó máa ń ṣe jù ni pé ìpinnu náà á túbọ̀ dá a lójú. Ẹ̀gbọ́n wa ní àǹfààní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lò ó lórí mọ́tò tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ohun tó tún burú ni pé fọ́tò iwájú ló ń túmọ̀ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Solomon Asch, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti rí i lọ́dún 1946: ó ka ìwà mẹ́fà tí ẹnì kan ní fáwọn èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti “ọlọ́gbọ́n”, ó parí rẹ̀ sí “onílara”. Ó wá ka mẹ́fà kan náà fáwọn mìíràn, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ “ọlọ́gbọ́n” fẹ́ràn ẹni náà ju àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ “onílara” lọ. Bí ojú ẹ̀gbọ́n bá ṣáájú, ẹni tó bá rí mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀ á ní aláwàdà ni. Bí mọ́tò bá ṣáájú, ẹ̀rín dáadáa yẹn á dà bí ẹ̀rín ajẹ́gbèsè.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí fìlítà ti fá imú rẹ̀ lọ ní fọ́tò àkọ́kọ́, tó wá gbé imú rẹ̀ padà wá ní ìkejì, imú gidi náà ló máa jọ ẹ̀tàn.

Mo wá bá ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ, ẹ má yọ fọ́tò kankan. Ẹ kàn gbé ìkẹfà síwájú, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká lè mọ̀ pé òun ló ṣiṣẹ́.” Wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n mirí.

“Àbúrò, tí mo bá fi èyí síwájú, ṣé wọn ò ní dá mi mọ̀?”