Àtúnṣe: Dáwódù ò lè dá fowó lé ilé bàbá

Àwọn kan ń sọ pé: "Àkọ́bí ló ni ilé bàbá, tó bá ti pín owó tí bàbá fi kọ́ ọ fáwọn àbúrò, ó parí."

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Tí bàbá ò bá ṣe wíìlì, lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, gbogbo ọmọ ló nilé yẹn, ọkùnrin àtobìnrin, dáwódù kàn ń bójú tó o ni. Tó bá dá tà á, àwọn tó kù lè lọ kóòtù kí wọ́n ní kí wọ́n fagi lé e.

Owó bùlọ́ọ̀kù ayé ọjọ́un ò sì kan tòní. Ẹ wá ẹsitéètì sọ̀féyọ̀ tó níwèé àṣẹ láti díye lé ilé, kì í ṣe àjẹ́ńtì, kì í sì í ṣe sọ̀féyọ̀ tó ń ri pílà o, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Á wo ilẹ̀, ògiri tó sán, páànù, ìwé ilé, á wá fi wé iye tí wọ́n ti ta irú ẹ̀ ládùúgbò, torí iye tí wọ́n ń pè kọ́ ni wọ́n ń gbà. Kí gbogbo yín jọ sanwó iṣẹ́ ẹ̀, kẹ́nì kan má lọ sọ pé ẹ̀gbọ́n ló gbé e wá.

Ká ní ọmọ ìyá kan náà mẹ́rin ni yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tí sọ̀féyọ̀ ní ilé yín tó mílíọ̀nù 24 náírà. Ẹni tó fẹ́ gbà á máa san mílíọ̀nù 18 fáwọn mẹ́ta, torí mílíọ̀nù 6 ti ẹ̀ ni. Tágbára ẹ̀ ò bá ká a, ẹ fi ilé náà háyà. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbébẹ̀ bá ń san 800,000 lọ́dún, ẹ yọ 200,000 fún àtúnṣe, 150,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tíyẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tà á. Ẹni tó bá gbowó tiẹ̀, kó sáìnì níwájú lọ́yà.