Kì í ṣe inú SKU ló yẹ ká ti máa wá olùpèsè àti ilé ìkẹ́rùsí

SKU ni kóòdù tá a fi ń dá ọjà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ọ̀pọ̀ àwa tá a ń to kátálọ́ọ̀gì ọjà ló sì gbà pé SKU tó dáa ni èyí tó ń sọ gbogbo nǹkan. Tí ojú bá ti kan kóòdù náà lára páálí, ó yẹ kéèyàn ti mọ irú ọjà tó jẹ́, àwọ̀ rẹ̀, sáìsì rẹ̀, olùpèsè tó kó o wá àti ilé ìkẹ́rùsí tó wà. Mo mọ ìdí tó fi wọ̀ wá lọ́kàn: ó jọ pé a ò ní máa wá ìdáhùn kiri mọ́. Àmọ́ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń gé ipasẹ̀ ọjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹ̀ wò. Ó ní àwọ̀ 3 àti sáìsì 4, ìyẹn ẹ̀yà 12. Olùpèsè 2 ló ń kó o wá, ilé ìkẹ́rùsí 3 la sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ kí SKU sọ gbogbo rẹ̀ máa kọ aláwọ̀ ewé, sáìsì M, báyìí:

```
SHT12-GRN-M-S02-WHB
```

S02 ni olùpèsè, WHB ni ilé ìkẹ́rùsí. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ti di kóòdù 72 nìyẹn. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ kọ́ ló burú jù, torí kọ̀ǹpútà ò ní ṣàárẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà bá ṣí kúrò níbi tó wà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ká ní a kó 10 nínú ṣẹ́ẹ̀tì yìí láti WHB lọ sí WHA. Kò sí ohun tó yí pa dà lára ṣẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ti yí pa dà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì ti di irọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọra, fífi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Tó bá yá, àwọn tó ń ṣa ọjà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú fo apá ibi tí kóòdù ti dárúkọ ilé ìkẹ́rùsí. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó máa wà nínú ìwé: 10 dín kù lára kóòdù kan, 10 lé sí kóòdù mìíràn, kò sì sí okùn kankan tó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ọjà yẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ibẹ̀ ni ọ̀nà máa dí mọ́ ọn lójú.

Oníbàárà náà ń jìyà rẹ̀. Ó fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé 7, sáìsì M. Nínú ilé ìkẹ́rùsí kan náà, 4 wà lábẹ́ S01, 5 wà lábẹ́ S02. Mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀, àmọ́ ohun tí ojú ìwé ìtajà máa sọ ni pé 5 ló ṣẹ́ kù. Tá a bá sì ti ní kí ètò máa pè wá láti rà sí i tí ọjà bá ti wálẹ̀ sí 6, ó máa pè wá lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà tí kò tíì tán.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí SKU dáhùn: kí ni ẹni tó rà á máa gbà lọ́wọ́? Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rèé. Tí oníbàárà bá béèrè èyí, tá a wá fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i, ṣé ó máa dá a pa dà? Tó bá máa dá a pa dà, SKU méjì ni wọ́n. Àwọ̀ máa jẹ́ kó dá a pa dà, sáìsì náà máa jẹ́ kó dá a pa dà, páálí ẹlẹ́yọ mẹ́fà sì yàtọ̀ sí ẹyọ kan. Olùpèsè kì í sábà jẹ́ kó dá a pa dà. Tí aṣọ S02 bá fúyẹ́ ju ti S01 lọ, tàbí tí M rẹ̀ fún, á jẹ́ pé ọjà mìíràn ni. Nígbà yẹn, aṣọ náà la máa fi ya SKU wọn sọ́tọ̀, a ò ní fi orúkọ olùpèsè yà á.

```
SHT12-GRN-M
```

Ó parí síbẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe lo O tàbí I tí ojú lè kà sí òdo àti ení. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Excel máa sọ `00417` di 417, ó sì máa ka `12E05` sí nọ́ńbà, kó fi hàn bíi `1.20E+06`. SKU tá ò bá lò mọ́, ká má ṣe gbé e wọ ọjà mìíràn, torí rìsíìtì àtijọ́ ṣì ń pè é.

Ibo wá ni olùpèsè àti ilé ìkẹ́rùsí máa wà? Inú àkọsílẹ̀ ìgbà tí ẹrù wọlé àti ìgbà tó ṣí. Ẹrù tó bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, báàṣì kan ni, ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀:

```
LOT    SKU          SUPPLIER  PO     QTY
L0417  SHT12-GRN-M  S01       P0231  24
L0422  SHT12-GRN-M  S02       P0238  30
```

Kóòdù tí olùpèsè fúnra rẹ̀ ń pe ṣẹ́ẹ̀tì náà máa wà nínú tábìlì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ SKU wa, torí SKU kan lè ní bíi mẹ́ta. Tí ẹrù bá ṣí, ìlà kan péré la máa kọ:

```
LOT    FROM  TO   QTY
L0422  WHB   WHA  10
```

Ẹ wá wò ó bí bọ́tìnnì bá ń já. Ṣẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà dá pa dà ní L0422 lára. Ọgbọ̀n ló wọlé sí WHB, 10 ṣí lọ sí WHA. A ti ta 8 ní WHB, ó ku 12. A ti ta 3 ní WHA, ó ku 7. A dá ọjà 19 tó kù dúró, a kọ̀wé sí oníbàárà tó ra 11 yòókù, a sì gbé P0238, ìyẹn ìwé tá a fi ra ẹrù náà, ko olùpèsè lójú. L0417 ṣì ń tà lọ ní tirẹ̀. Kóòdù gígùn àkọ́kọ́ yẹn ì bá sọ pé S02 ni, àmọ́ kò ní lè sọ èwo nínú gbogbo ẹrù tí S02 ti kó wá. Gbogbo rẹ̀ la ì bá dá dúró.

Ètò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nọ́ńbà báàṣì gbọ́dọ̀ wà lára ọjà tàbí páálí rẹ̀, ẹni tó ń ṣa ọjà sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kà á kó tó jáde. Tí wọ́n bá da báàṣì méjì tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì pọ̀ sínú àpótí kan, ètò kàn máa gbà pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde ni, àbá lásán sì nìyẹn. Ẹ mú márùn-ún nínú àpótí náà, kẹ́ ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ báàṣì tó ti wá. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ipasẹ̀ ti gé. Báàṣì kan nínú àpótí kan ló dáa jù, kó tán ká tó ṣí òmíràn. Níbi tí àyè kò bá gbà á, báàṣì méjèèjì la máa dá dúró lọ́jọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́.

Ẹni tó ti ní kóòdù 72 nílẹ̀ ò ní láti pa wọ́n rẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ to gbogbo wọn sínú tábìlì kan tó máa darí ìkọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú SKU 12, kí lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kà á. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ka ọjà ilé ìkẹ́rùsí kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ da iye rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ SKU tuntun, kẹ́ ẹ sì fún ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ní nọ́ńbà báàṣì àkọ́kọ́. S01 àti S02 tó wà lára kóòdù àtijọ́ lẹ máa fi ya báàṣì wọn sọ́tọ̀.