Ìpolówó tí kò lo ọ̀rọ̀ náà “ìwòsàn” ṣì lè ṣèlérí ìwòsàn

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta sọ́pílímẹ́ǹtì àti àwọn tó ń bá wọn kọ ìpolówó. Wọ́n gbà pé bí àwọn kò bá ti dárúkọ àìsàn, tí àwọn kò kọ “ìwòsàn”, tí àwọn sì fi “ọjà yìí kì í ṣe oògùn” sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ àwọn ti mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ka ìpolówó bá gbà pé wọ́n ṣèlérí fún òun ni ìlérí ibẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ ní gbangba tàbí pé wọ́n fi í pamọ́ sínú ìbéèrè, àwòrán, orúkọ ọjà àti nọ́ńbà.

Bí àwọn àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó ṣe ń wò ó náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, òye tí gbogbo ìpolówó lápapọ̀ gbìn sọ́kàn èèyàn ni àjọ FTC máa ń wò. Òfin tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, gbé jáde ní 2000 lórí sọ́pílímẹ́ǹtì sì sọ ọ́ ní kedere pé orúkọ ọjà, àwòrán, àpèjúwe àmì àìsàn, títọ́ka sí ìwádìí, àti fífi ọjà hàn bí arọ́pò oògùn lè sọ ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé kò léwu di ìlérí ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpolówó kan tí a ṣe fún àpẹẹrẹ, ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì tún un kọ. Àwa la hùmọ̀ orúkọ ọjà náà, “Ṣúgà Rọlẹ̀”, ṣùgbọ́n irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an:

“ṢÚGÀ RỌLẸ̀! Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ṣáá? Ṣé ẹ̀ ń dìde tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ṣé ẹsẹ̀ yín ń ta bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un? Kápúsù kan lójúmọ́, tó ní kírómíọ̀mù 200 máíkírógíráàmù, lè ran ara yín lọ́wọ́ láti mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ láìsí wàhálà oògùn. Ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Oníbàárà wa kan sọ pé: ‘240 ni mo wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ti di 98.’ Ọjà yìí kì í ṣe oògùn, kò sì wà fún ìtọ́jú àìsàn kankan.”

Kírómíọ̀mù tí wọ́n dárúkọ jẹ́ èròjà míńírà kan. Àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, tí 98 hàn lójú rẹ̀.

Kò sí “àtọ̀gbẹ” nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ bo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, kí ẹ ka ìyókù bí ẹni tí dókítà sọ fún lóṣù tó kọjá pé ó ní àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbà gbọ́. Ohun tí yóò jáde ni: “Kápúsù yìí yóò bá mi wo àtọ̀gbẹ, n ò sì ní nílò oògùn mọ́.” Gbólóhùn yẹn gan-an ni ìpolówó náà ń sọ, òun sì ni ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí fún. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, torí pé ẹni tó bá ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ máa ń rí àwáwí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká wá ibi tí òye yẹn ti jáde. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tó ṣáájú ni ẹ kọ́kọ́ wò. Òùngbẹ tí kò dáwọ́ dúró àti ìtọ̀ púpọ̀ lóru wà lára àwọn àmì tí àtọ̀gbẹ fi ń fara hàn, ẹsẹ̀ tó ń ta sì wà lára ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá ti ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Tí ẹ bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ti júwe àìsàn náà tán, dídárúkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Àmì kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn máa ń ní, bíi kó rẹ èèyàn díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn àmì náà bá ṣe jọ ti àìsàn kan pàtó tó ni ìlérí náà ṣe ń le tó.

Nọ́ńbà inú ọ̀rọ̀ oníbàárà tún burú ju ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá wọn ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀, tí ó tó 126 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú òṣùwọ̀n mílígíráàmù fún dẹ̀sílítà, ìpele àtọ̀gbẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà sábà máa ń tún un yẹ̀ wò kó tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìsàlẹ̀ 100 ni wọ́n ń kà sí bó ṣe yẹ. Nítorí náà, “240” sí “98” ti sọ pé aláìsàn kan bọ́ kúrò nínú àìsàn rẹ̀. Kò sì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀: ṣé kó tó jẹun ni wọ́n wọn àkọ́kọ́ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ? Ṣé ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi mẹ́tífọ́mìn pẹ̀lú kápúsù náà? Ṣé ó ti yí oúnjẹ rẹ̀ padà? Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan lè yàtọ̀ gan-an láàárín wákàtí mélòó kan. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ti rí láàárín nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, ni wọ́n fi ń mọ ìyípadà tó dúró. Pé oníbàárà sọ òótọ́ kò gba ẹni tó tà á là. Ìlérí tí olùtajà kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe, kò lè fi ẹnu oníbàárà ṣe é.

“Mú ṣúgà wálẹ̀” ní ìṣòro tirẹ̀. Ohun tó ga ju bó ṣe yẹ la máa ń mú wálẹ̀, torí náà ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni gbólóhùn náà ń bá sọ̀rọ̀. Fífi “lè” ṣáájú rẹ̀ kò yí i padà. Ó kàn dín ìdánilójú kù díẹ̀, ọ̀rọ̀ àìsàn ló ṣì ń sọ. “Láìsí wàhálà oògùn” ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé òun ló lè mú kí èèyàn pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣe ínsúlínì mọ́, tó wá dáwọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró, lè wà nínú ewu ikú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

“Ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀” ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kan bẹ FDA pé kó gba òun láàyè láti kọ ọ̀rọ̀ nípa àtọ̀gbẹ sára kírómíọ̀mù píkólínéètì, irú kírómíọ̀mù kan tí wọ́n ń fi ṣe sọ́pílímẹ́ǹtì. Ohun tí àjọ náà fọwọ́ sí ní 2005 ni pé ìwádìí kékeré kan ṣoṣo ló dábàá pé èròjà yìí lè dín ewu kí ara má gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu kù, àti pé bóyá ìyẹn lè dín ewu àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kù. Wọ́n ní kí ẹni tó bá máa kọ ọ́ fi kún un pé kò dájú rárá. Ní Yúróòpù, òfin 432/2012 gbà kí wọ́n kọ pé kírómíọ̀mù ń kópa nínú mímú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó yẹ, bí ọjà náà bá ní tó bó ṣe yẹ. Àmọ́ ní 2014, àjọ EFSA tó ń yẹ irú nǹkan báyìí wò fún wọn sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń ṣe àwọn tí ara wọn dá láǹfààní. Èrò tiwa ni pé kí ẹni tí òfin ibùdó rẹ̀ gba gbólóhùn yẹn láàyè lò ó bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kó má fi ṣe àkọlé ńlá, kó má sì fi ohunkóhun kún un. Níbi tí òfin kò bá ti gbà á, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Gbólóhùn ìsàlẹ̀ ló wá kù. Ọ̀rọ̀ kékeré kan kò lè pa ohun tí àkọlé, àwòrán àti ẹ̀rí oníbàárà ti gbìn sọ́kàn rẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá takora, èyí tó hàn jù ni olùkàwé máa mú lọ. Ìkìlọ̀ wà láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ti jẹ́ òótọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un kọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara ìpolówó àtijọ́, torí bí ẹ ṣe ń dín in kù ni òye rẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ìwé tó wà lára ìgò ni kí ẹ mú: kí ló wà nínú rẹ̀, báwo ló ti pọ̀ tó, kí ni a lè fi ẹ̀rí ti èyí lẹ́yìn. Orúkọ gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú, torí pé “Ṣúgà Rọlẹ̀” yóò máa ṣe ìlérí náà lórí ìgò, lórí páálí àti nínú ìwé ìsanwó, bó ti wù kí ìyókù mọ́ tó. Èyí ni a rò pé ó tọ́:

“Kápúsù kírómíọ̀mù. Kápúsù kọ̀ọ̀kan ní kírómíọ̀mù 200 máíkírógíráàmù. Ìwọ̀n ìtọ́kasí ojúmọ́ ní Yúróòpù jẹ́ 40. Kírómíọ̀mù ń kópa nínú mímú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Kápúsù kan lójúmọ́, ẹ má ṣe lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ, kò sì lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún yín. Bí ẹ bá ń lo ínsúlínì, oògùn ṣúgà tàbí oògùn táírọ́ìdì, bí kíndìnrín yín bá ní ìṣòro, tàbí bí ẹ bá lóyún, ẹ bá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lò ó.”

Àwòrán ìgò náà nìkan ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò fi ìkìlọ̀ nípa ínsúlínì síbẹ̀ lásán: bí kírómíọ̀mù bá fi kún agbára oògùn náà, ṣúgà lè já wálẹ̀ jù, kí òòyì kọ́ èèyàn, kó sì dákú. Ó sì lè dí oògùn táírọ́ìdì lọ́wọ́ láti wọ ara dáadáa bí wọ́n bá jọ lò wọ́n pa pọ̀.

Ẹ tún fi gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn dán ìpolówó tuntun yìí wò. Ohun tí aláìsàn yóò mú lọ ni pé èròjà kan ni, pé kì í ṣe oògùn òun, pé kí òun béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ó bá ohun tí a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ mu.

Níbi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e jáde. Ẹnì kan á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “ó wo ìyá mi sàn”, ẹni tó ń tà á á sì pín in káàkiri tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó pín in, ó ti sọ ọ́ di ìpolówó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdáhùn tí ẹ bá fún oníbàárà nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Bí wọ́n bá bi yín pé “Ṣé ó dára fún àtọ̀gbẹ?”, ẹ dáhùn báyìí: “Rárá o, a kò tà á fún àtọ̀gbẹ. Ẹ má dáwọ́ oògùn yín dúró, ẹ sì bi dókítà yín kí ẹ tó fi kún un. Bí ẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò, tí òùngbẹ sì ń gbẹ yín ṣáá tàbí tí ẹ̀ ń rù láìnídìí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà kí ẹ tó ra ohunkóhun.”