Òṣùwọ̀n Kì í Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀

Ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé ti sọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 tí wọ́n ti da ẹ̀bẹ̀ Vinesh Phogat nù, oníjàkadìbìnrin Íńdíà tí wọ́n yọ kúrò nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì Párísì nítorí pé ó fi gíráàmù 100 kọjá ìwọ̀n, ariwo tí à ń gbọ́ nílé lóko ni pé gíráàmù 100 ti kéré jù láti fi gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ẹni tó dá Yui Susaki ti Jàpáànù, èyí tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kankan kò tíì dá rí. A bá obìnrin náà kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n a kò ní bá wọn pariwo, nítorí kì í ṣe gíráàmù 100 ló ṣe é.

Kílò 53 ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ló gba àyè kílò 53 tí Íńdíà ní, ló bá sọ̀kalẹ̀ sí 50. Ní àárọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ó gun òṣùwọ̀n, ó wọn 49.9, ó sì ja ìjà mẹ́ta. Ó jẹun, ó mu omi, bó ṣe yẹ kí ẹni tó ja ìjà mẹ́ta ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti fi kílò 2.7 kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ òfin ìjàkadì ni pé ẹni tó bá dé àṣekágbá gbọ́dọ̀ tún gun òṣùwọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n mú un sáré, wọ́n jókòó tì í nínú yàrá ooru, wọ́n gé irun orí rẹ̀. Ó wá di pé òógùn kọ̀, kò jáde mọ́. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Bí omi bá ti dín lára ènìyàn, ara á há èyí tó kù mọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lọ́nà ọkàn àti ọpọlọ. Ọ̀rá tó lè yọ́ láàárín òru kan kò tó nǹkan. Omi ni wọ́n ń fún jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó wọn 50.1, ó sì di ẹni tí àwọn dókítà ń fa omi sí lára.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé, nítorí ilé wa ń jó.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, àwọn aláyẹ̀wò oògùn Òlíńpíìkì kéde pé àwọn rí furosímáìdì nínú àyẹ̀wò Cynthia Ogunsemilore, abẹ̀ṣẹ́ wa tó gba idẹ ní Eré Ìdárayá Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022 ní ìsọ̀rí kílò 60. Wọ́n dá a dúró fúngbà díẹ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní Párísì. Bí oògùn náà ṣe dé ara rẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn, a kò ní gbà á ṣe. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni iṣẹ́ oògùn ọ̀hún. Lásíìsì ni, èyí tí dókítà ń kọ fún àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó máa ń mú kí kíndìnrín da omi àti iyọ̀ sínú ìtọ̀, ó sì ń kó pọtásíọ̀mù tí ọkàn fi ń lù déédéé dànù pẹ̀lú. Nítorí pé ó lè fi omi la ìtọ̀ débi tí ipa oògùn mìíràn á fi fara sin, wọ́n fòfin dè é fún eléré ìdárayá ní gbogbo ìgbà, yálà ìdíje ń lọ tàbí kò lọ.

Ìwé ìròyìn yìí ti bi àwọn aláṣẹ ní ìbéèrè kan rí, a ó tún un bi: láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìdíje, ta ló ń wọn àwọn abẹ̀ṣẹ́ àti oníjàkadì wa láràárọ̀, ìwé wo ló sì ń kọ ọ́ sí? A kò rí ìdáhùn gbà rí. Orílẹ̀-èdè tí orúkọ Favour Ofili ti sọnù nínú ìwé àwọn tó máa sá 100 mítà, tó sì tún ti Párísì dé láìmú àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo bọ̀, kò yẹ kó tún máa sọ fún wa pé ọwọ́ òun dí.

Ẹni tó bá ti wọ ilé ìdárayá àwọn abẹ̀ṣẹ́ nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún á wọ láílọ́ọ̀nù sábẹ́ aṣọ òtútù, á máa fo okùn nínú oòrùn ọ̀sán, á máa tutọ́ sínú ike, ètè rẹ̀ á ti gbẹ dénú. Kóòṣì rẹ̀ á ní kó má ṣe fẹnu kan omi títí di ọ̀la. Kílò méjì á lọ lóòótọ́, nítorí lítà omi kan, kílò kan ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni apá kan omi náà ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, á sì ki, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ooru ara rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀ṣẹ́ Òlíńpíìkì ni pé gbogbo àárọ̀ tí abẹ̀ṣẹ́ bá fẹ́ jà ló máa gun òṣùwọ̀n, nítorí náà kò sí àyè fún un láti mu omi náà padà dáadáa kó tó wọ ojú ìjà. Orí tí wọ́n máa gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni omi ti dín nínú rẹ̀ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro, kò sì wọ́n. Ká sọ pé abẹ̀ṣẹ́bìnrin kan wọn kílò 64, tó sì fẹ́ jà ní 60. Ọ̀rá ara tó tó kílò kan ní agbára tó tó nǹkan bí 7,700 kálórì nínú. Bí ọmọ yìí bá ń jẹ 400 kálórì dín sí ohun tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́, nǹkan bíi kílò 0.36 ló máa kúrò lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ìyẹn kéré lójú aláìnísùúrù. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó ti lé ní kílò mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò tó, bẹ́ẹ̀ ibà á tún jẹ ọ̀sẹ̀ kan, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n á jẹ òmíràn.

Kí ló ń jẹ́ 400 kálórì? Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti ṣíbí òróró ńlá méjì ti tó o. Kò sí ẹni tó ní kó má jẹ ẹ̀bà mọ́. Òkèlè á kéré díẹ̀, dòdò á di bọ̀ọ̀lì, òróró kò ní léfòó lórí ọbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹyin, ẹja, ẹran tàbí mọ́ínmọ́ín kò gbọdọ̀ wọ́n nínú oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kó má sì fi irin gbígbé sílẹ̀. Bí ó bá fi èyí sílẹ̀, tí kò sì jẹ ẹran àti ẹ̀wà tó, iṣan rẹ̀ ni ara máa jẹ dípò ọ̀rá, ó sì máa dé 60 láìní ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́.

Láràárọ̀ tó bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, kí ó tó fi nǹkan kan sẹ́nu, kó gun òṣùwọ̀n kan náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà ọjọ́ kan ni kóòṣì máa wò. Iyọ̀ ọbẹ̀ àná lè fi ìdajì kílò kún un, nǹkan oṣù obìnrin lè fi kílò kan kún un, kò sì sí ọ̀rá kankan tó wọlé. Kóòṣì á ro nọ́ńbà ọjọ́ méje pọ̀, á pín in sí méje, á wá fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí kílò kan ààbọ̀ bá sì ṣàdédé lọ lóru kan, kó má yọ̀. Omi ni, kó bi ọmọ náà ohun tó mu tàbí ohun tó gbé mì. Ìtọ̀ àárọ̀ á tú àṣírí: èyí tó mọ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ dára, èyí tó pọ́n bí àgúnmu kò dára.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ohun kan wà tó lè ṣe láìfọwọ́ kan omi. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, èso àti ọkà tó ní èèpo máa ń pẹ́ nínú ìfun, wọ́n sì wúwo. Bó bá fi ìrẹsì funfun, ẹyin àti ẹja rọ́pò wọn fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ìdajì kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á kúrò nínú ìfun rẹ̀, á sì máa mu omi rẹ̀ bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀. Ìdajì kílò yẹn ló máa fi sùn fọkàn balẹ̀ lóru ọjọ́ tó ṣáájú ìwọ̀n.

Èyí náà ní ààlà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró nítorí oúnjẹ tí kò tó ti kọjá ààlà, kò yẹ kó máa dín in kù lọ. Ẹni tí ọ̀rá kò pọ̀ lára rẹ̀ mọ́, ìsọ̀rí òkè ló kàn án. Kóòṣì tó bá ń fi tipátipá ti ọmọ sí ìsàlẹ̀ nítorí pé àyè ṣófo níbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún Phogat náà ló ń ṣe.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti san owó ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún 1997. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó jẹ́ oníjàkadì kú níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ rọ́bà àti yàrá gbígbóná làágùn dé ìwọ̀n. Lẹ́yìn ikú wọn ni òfin yí padà. Wọ́n fòfin de aṣọ rọ́bà àti yàrá ooru. Kí eré ọdún tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yẹ ìtọ̀ oníjàkadì wò bóyá omi tó lára rẹ̀, wọ́n á wọn ọ̀rá rẹ̀, wọ́n á sì kọ ìwọ̀n tó kéré jù tó lè jà sí iwájú orúkọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín ju ìdá 1.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan. Fún ọmọ kílò 64 tiwa, kò tó kílò kan.

Kí ló dé tí a kò lè ṣe é? Wọ́n máa ní kò sí owó. Òṣùwọ̀n kan, ìwé kan àti ike ìtọ̀ ni à ń sọ, wọn kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì ìjòyè kan tó bá wọn dé Párísì láti lọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n máa ní àgọ́ ìgbáradì kì í pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ta ló ní kó má pẹ́? Àgọ́ tí wọ́n ṣí nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń bí láílọ́ọ̀nù àti Lásíìsì, nítorí kò sí ọ̀rá kílò mẹ́rin tó lè yọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjẹ́ pé agbára bá a lọ.

 Ní Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Àpapọ̀ tó ń bọ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo ìpínlẹ̀ fi ìwọ̀n àwọn abẹ̀ṣẹ́, oníjàkadì, onítaekwondo àti agbérin wọn ránṣẹ́ nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹni tó bá fi ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ kọjá ìsọ̀rí tó ń wá, kí wọ́n gbé e sókè lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò ní àárọ̀ ìwọ̀n, kí ẹni tí omi kò tó lára rẹ̀ má wọ ojú ìjà. Mínísítà eré ìdárayá ìgbà náà sọ lọ́dún 2024 pé wọ́n máa yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Párísì wò. A ò tako ó. Ṣùgbọ́n ṣáájú àyẹ̀wò yòówù, orúkọ ẹni tí yóò máa kọ ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ láràárọ̀ ni a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ.