Páàdì yín kò ṣẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yín ni kí ẹ bi

Ẹ̀yin ará mi, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ dá lónìí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń da páàdì géèmù lu ilẹ̀ nítorí pé ẹ tẹ bọ́tìnì tí àgbábọ́ọ̀lù yín kò tètè gbọ́, ẹ rọra. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má sí lọ́rùn páàdì rárá.

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ bá mi ta bọ́ọ̀lù lórí PS4 á ti mọ̀ pé owó òun ti lọ. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó ti gbó ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Nígbà tí mo wá ra tèmi, ínṣì 55, tí mo so PS4 mọ́ ọn ní pálọ̀, àbúrò mi tí kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù géèmù rí bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí bí ẹní na aṣọ òfì. Mo á tẹ bọ́tìnì kí ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnì kejì, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn á sì ti gbà á. Mo á ní kí adẹ́yìnmú mi já bọ́ọ̀lù gbà, ẹsẹ̀ alátakò ni á gbá, rẹfirí á fọn fèrè.

Mo ra páàdì tuntun. Kò yí padà. Mo fi wáyà so páàdì mọ́ PS4, mo ní bóyá bùlútúùtù ló ń ṣe é. Kò yí padà. Mo wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé a so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?" Lóòótọ́, àwa méjèèjì ló jókòó sórí àga kan náà, a kò lo dátà kankan.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ronú. Mo jáde kúrò nínú géèmù, mo padà sójú ìwé àkọ́kọ́ PS4, níbi tí àwòrán àwọn géèmù tò sí. Kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí alátakò. Mo tẹ ọ̀tún, mo sì rí i kedere pé àtàǹpàkò mi ti tẹ̀ ẹ́ tán kí àmì tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n tó sún. Bí ibi tí kò sí géèmù bá ń lọ́ra, a jẹ́ pé géèmù kọ́ ló ń lọ́ra.

Kó lè dá mi lójú, mo fi fóònù wọ̀n ọ́n. Kámẹ́rà fóònù mi ní èyí tó máa ń mú kí nǹkan falẹ̀, tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo gbé fóònù kalẹ̀ kó lè rí àtàǹpàkò mi àti tẹlifíṣọ̀n papọ̀, mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo wá ń ṣí fídíò náà wò ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí àtàǹpàkò mi bá tẹ bọ́tìnì wọlé títí dìgbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n bá yí padà, nǹkan bí àwòrán 36 ló ń kọjá. Ẹ pín 36 sí 240: ìdá 15 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá nìyẹn. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ géèmù bọ́ọ̀lù yìí ń fi àwòrán 60 hàn wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a jẹ́ pé géèmù ti rìn síwájú ní ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án kí ojú mi tó rí àbájáde ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Kí wá ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣe nínú gbogbo àkókò yẹn? Oge ló ń ṣe. Bí àwòrán ṣe ń ti inú PS4 bọ̀, tẹlifíṣọ̀n kì í kàn gbé e síta bẹ́ẹ̀. Á fọ ìdọ̀tí ojú ẹ̀, á tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, á mú kó mú bérébéré, bí ìyàwó tí wọ́n há mọ́ yàrá tí wọ́n ń wé gèlè fún, tí àlejò ń dúró níta. Èyí tó burú jù nínú wọn ni èyí tó ń mú kí ìrìn àwòrán máa yọ̀. Àwòrán tuntun ló máa ń hùmọ̀ sáàárín méjì, kò sì lè mọ ohun tí yóò yà sáàárín àyàfi bí èkejì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà ó ní láti dá èkíní dúró ná. Bó bá jẹ́ fíìmù lẹ ń wò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí pé tẹlifíṣọ̀n á dá ohùn náà dúró kí ẹnu àti ọ̀rọ̀ lè bára mu. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì ni àṣírí ti ń tú.

Ohun tó ń lé àwọn onígèlè yẹn kúrò nínú yàrá ni wọ́n ń pè ní Game Mode. Ẹ tan PS4, ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n wà lórí HDMI tí ẹ so ó mọ́, kí ẹ tó wọ Settings. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, inú Picture Mode ló wà, ẹ ó rí Game láàárín Standard, Movie àti àwọn yòókù. Lórí àwọn LG tuntun, Game Optimizer ni orúkọ ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, ẹ wọ General, kí ẹ wá External Device Manager. Ẹ fiyè sí i pé HDMI tí ẹ bá wà lórí rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń mú. Mo tan tèmi nígbà tí mo wà lórí HDMI 1, PS4 mi sì wà lórí HDMI 2. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ń bú ohun tí n kò tíì tàn. PS5 àti Xbox lè fúnra wọn sọ fún tẹlifíṣọ̀n tó bá ní ètò tí wọ́n ń pè ní ALLM pé kó bọ́ sí Game Mode. PS4 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó fi ṣe é.

Mo tún fi fóònù wọ̀n ọ́n. Láti 36, ó bọ́ sí 20. Èyí tó kù jẹ́ ti PS4, ti páàdì àti díẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe kó má gbà. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni mo gbà padà nínú mẹ́sàn-án, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Àwọ̀ á kọ́kọ́ ṣá lójú yín, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lè gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ sókè nínú Game yẹn fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí ohun kan níbẹ̀ tó ní Motion lórúkọ, ẹ fi sílẹ̀. Onígèlè kan ló tún fẹ́ wọlé. Bó bá sì jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń ta, tí àgbábọ́ọ̀lù ń fò láti ibì kan sí ibòmíì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn lóòótọ́, Game Mode kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi wáyà aláwọ̀ mẹ́ta so PS2 mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ẹ bá mi wá tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn gbọọrọ àtijọ́ o. Òun kì í ṣe oge rárá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó tà á fún mi fi wákàtí kan fi ẹyẹ àti òdòdó hàn mí lójú tẹlifíṣọ̀n náà, mo sì sọ fún un pé géèmù ni mo fẹ́ fi ta. Kò mẹ́nu kan Game lẹ́ẹ̀kan. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀ nìyẹn kó tó gba owó mi.

Ní ti àbúrò mi, orí tẹlifíṣọ̀n tó ń lọ́ra yẹn ló ti kọ́ géèmù, ó ti mọ́ ọn lára láti máa tẹ bọ́tìnì ṣáájú àkókò. Alẹ́ ọjọ́ tí mo tan Game Mode, gbogbo ẹsẹ̀ tó gbé síwájú bọ́ọ̀lù ló ń yá jù. Mo jẹ ẹ́ ní góòlù márùn-ún sí òdo. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n dá a padà sí bó ṣe wà.