Rúlà ní 84, ojú kọ̀ǹpútà ní 90

Tàlàbí_Oníkáàdì: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣe káàdì iṣẹ́ mi, 90 mm ní ìbú, 55 mm ní gíga, mẹ́wàá lójú ìwé kan, mo wá sọ ọ́ di PDF. Lójú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí A4 láti kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, mo gbé rúlà lé e, 84 ni mo bá. Lẹ́tà orúkọ mi ò tún jọ èyí tí mo yàn mọ́, ọ àti ṣ ti di àpótí òfìfo. Kí ló fà á, báwo ni mo sì ṣe máa rí i kí n tó lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì?

Rọ́lákẹ́_Aláwọ̀: Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ o! Búlúù tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ń dán gbinrin, ìgbà tó dórí bébà ló ṣú bí aró. Ta ló mọ ohun tó ń fa ìyẹn?

Ṣẹ̀gi: Pírìńtà wọn ló ti gbó. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Gbénró: PDF kì í yí padà. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é gan-an nìyẹn, pé ibi yòówù kéèyàn gbé e dé, bákan náà ló máa rí. Ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́ ló fọwọ́ kan nǹkan tí ò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Bàbá_Lékè: Káàdì gbààwẹ̀ ni 😂😂

ÌyáTóbi_Aránṣọ: Gbénró, má tan èèyàn jẹ jàre. Aránṣọ ni mí, mo ra pátánì kan tó jẹ́ PDF, wọ́n ya àpótí kékeré kan sí igun ojú ìwé àkọ́kọ́ pé kéèyàn wọ̀n ọ́n, 5 sẹ́ńtímítà ló yẹ kó jẹ́. Mi ò wọ̀n ọ́n, mo kàn ń lẹ ìwé mọ́wèé, mo gé aṣọ, mo rán an tán, ọmọ tó ni ín ò lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ wọn àpótí yẹn, 4.7 ni. Aṣọ ti bàjẹ́, owó ti lọ.

Bàbá_Lékè: Pátánì náà gbààwẹ̀ 😂

Àlàbá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá Tóbi. Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà yìí dáadáa. Ẹ pín 84 sí ọ̀nà 90, ìdá 93 nínú 100 ni. Ti ìyá Tóbi jẹ́ 94. Pírìńtà tó gbó kì í dín iṣẹ́ kù lọ́gbọọgba báyìí. Ohun tó jọ lójú mi ni pé ìwọ̀n Letter ni wọ́n fi ṣe fáìlì yẹn, kì í ṣe A4. Letter fẹ̀ tó 215.9 mm, A4 ò ju 210 lọ, ọ̀pọ̀ pírìńtà ò sì lè tẹ̀ dé etí bébà, wọ́n máa fi bíi 4 mm sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó wá ku bíi 202. Ẹni tó bá yan `Fit` ti ní kí ó fún 215.9 wọ inú 202 nìyẹn, ohun tó sì máa jáde ni 93 tí ẹ rí yìí. Tàlàbí, ẹ jọ̀ọ́, káàdì márùn-ún tí ẹ tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣé àyè kù lókè àti nísàlẹ̀ ìwé àbí ó fún mọ́ etí?

Tàlàbí_Oníkáàdì: Ó fún mọ́ etí gan-an ni! Bíi 2 mm ló kù lókè, bíi 2 mm nísàlẹ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ni.

Àlàbá: Ibẹ̀ ló ti tú síta. 55 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 275. Letter ò ga ju 279.4 lọ, A4 ga tó 297. Ká ní orí A4 ni ẹ ti to ó, 11 mm ni ì bá kù lókè, 11 nísàlẹ̀. Ẹ fi Acrobat Reader ṣí fáìlì yẹn, ẹ tẹ `Ctrl+D`, ẹ wo ohun tó kọ síwájú `Page Size`. Ẹ má tíì pa á dé, ẹ tún wo `Fonts` níbẹ̀.

Káyọ̀dé22: ẸNI TÓ Ń TẸ̀ Ẹ́ KÓ YAN `Actual size`. Ọ̀RỌ̀ PARÍ.

Gbénró: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló jẹ̀bi.

Àjọkẹ́_Dísáínà: Gbénró, ẹ ní PDF kì í yí padà. Àpótí òfìfo tó wà nínú orúkọ ẹni ẹlẹ́ni yẹn ńkọ́, ṣé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fi bírò yà á síbẹ̀?

Gbénró: Àǹtí, mi ò bá yín jà o. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gba PDF lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí mo sì ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Tó bá rí báyìí lójú kọ̀ǹpútà, báyìí náà ló máa ń jáde.

Àjọkẹ́_Dísáínà: Lójú kọ̀ǹpútà ta? Ìbéèrè mi nìyẹn. Ojú kọ̀ǹpútà tiyín àbí ti ẹni tó ṣe é?

Gbénró: Ojú kọ̀ǹpútà, ojú kọ̀ǹpútà náà ni.

Àjọkẹ́_Dísáínà: Ha! Ẹ wá gbọ́ o.

Tàlàbí_Oníkáàdì: Mo ti wò ó. `8.50 x 11.00 in` ló kọ síbẹ̀. Ní `Fonts`, mo rí orúkọ méjì. Èkíní ní `(Embedded Subset)` lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èkejì ò ní nǹkan kan. Èkejì yẹn sì ni mo fi kọ orúkọ mi.

Àlàbá: Ìwọ̀n yẹn ni Letter, ọ̀rọ̀ bébà nìyẹn. Èkejì tí ò ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Àìsàn méjì ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ fún yín. Fóńtì tó bá ní `(Embedded Subset)`, lẹ́tà tí ẹ lò nínú ẹ̀ wà nínú fáìlì, ó ń bá a rìn kiri. Èkejì yẹn, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà nínú fáìlì. Kọ̀ǹpútà yín ní fóńtì náà lára, ìdí nìyẹn tí ojú yín fi ń rí i dáadáa. Kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ò ní in, ó wá wá èyí tó jọ ọ́ fi rọ́pò, èyí tó rí ò sì ní ọ tàbí ṣ, ló bá gbé àpótí síbẹ̀. Àmì kan tún wà tí ẹ lè fi dá a mọ̀: lẹ́tà á yàtọ̀ àmọ́ ìlà ò ní gùn sí i, torí PDF ti kọ àyè tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa gbà sílẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ibì kan há, ibì kan sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Tàlàbí_Oníkáàdì: Bó ṣe rí gan-an nìyẹn! Lẹ́tà orúkọ mi jìnnà síra wọn bí ẹni tó bára wọn jà.

Fọláṣadé: Ẹ dákun, àlàyé yín tà mí létí. Tèmi, ìwé ojú ewé 24 ni mo fún wọn, 26 ló jáde. Ṣé fóńtì náà ni?

Gbénró: Fóńtì ni. Tí fóńtì bá yí, ojú ìwé á pọ̀ sí i.

Àjọkẹ́_Dísáínà: Ẹ̀yin tí ẹ ní PDF kì í yí padà láàárọ̀! Ó ti wá ń bí ojú ìwé báyìí?

Gbénró: Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní tí fóńtì bá yí.

Àlàbá: Fọláṣadé, PDF kì í to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, 24 ò lè di 26 lọ́nà yẹn. Ẹ lọ wò ó bóyá fáìlì Word lẹ fún wọn. Word ló máa ń tún ọ̀rọ̀ tò tí fóńtì bá yí.

Fọláṣadé: Yéè! Word ni. Mo rò pé mo fi PDF ránṣẹ́ ni.

Káyọ̀dé22: MO TI SỌ Ọ́. `Actual size`. Kí ló ń fa àlàyé rẹpẹtẹ?

Àjọkẹ́_Dísáínà: Káyọ̀dé, `Actual size` máa dá 84 padà sí 90, òótọ́ ni, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 180, A4 á gbà á. Àmọ́ àpótí òfìfo á ṣì wà níbẹ̀, á kàn tóbi sí i ni. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ gbogbo lẹ́tà di ìlà yíyà kí n tó gbé fáìlì jáde. Kò sí fóńtì mọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò.

Gbénró: Ìyẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti gba irú ẹ̀, àṣìṣe kan wà nínú nọ́ńbà fóònù ẹnì kan, mo fẹ́ tún un ṣe, kò sí lẹ́tà mọ́, àwòrán ni gbogbo ẹ̀. Lẹ́tà kéékèèké tún máa ń ki ju bó ṣe yẹ lọ.

Àjọkẹ́_Dísáínà: Ta ló ní kí ẹ máa tún iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣe? Mo ní fáìlì tí mo fi ṣe é nílé, ibẹ̀ ni màá ti tún un ṣe.

Gbénró: Tí ẹ ò bá sí nítòsí ńkọ́? Tí oníbàárà bá dúró lórí mi ńkọ́?

Àjọkẹ́_Dísáínà: Kó pè mí!

Bàbá_Lékè: Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí káàdì ni àṣìṣe wà, ẹ fẹ́ kó fi pe ta 😂😂😂

ÌyáTóbi_Aránṣọ: Ẹ yéé jà. Ta ló máa dá owó aṣọ mi padà?

Àlàbá: Lórí èyí, Gbénró sọ òótọ́ díẹ̀ o. Káàdì olórúkọ kan, ẹ lè sọ ọ́ di ìlà yíyà. Ìwé olójú ewé púpọ̀, mi ò ní ṣe é, torí ẹnikẹ́ni ò ní lè wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ mọ́. Ìdí tí fóńtì Tàlàbí ò fi wọlé ni mo fẹ́ mọ̀. Àwọn fóńtì kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n ti kọ ọ́ sínú wọn pé kí wọ́n má kó wọn sínú fáìlì. Ẹ fi òmíràn dán an wò. Kí ẹ sì yan èyí tó mọ àmì ohùn gbé lé orí lẹ́tà, torí ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọ́ ò ní, ọ pẹ̀lú àmì ni, fóńtì fúnra ẹ̀ ló máa gbé e sí àyè ẹ̀. Èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àjọkẹ́_Dísáínà: Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Gbénró: Èmi náà.

Tàlàbí_Oníkáàdì: Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, mo ti yí fóńtì padà, mo tún káàdì tò sórí A4, 11 mm ló kù lókè lóòótọ́. Méjèèjì ti ní `(Embedded Subset)`. Ṣé kí n máa gbé e lọ?

Àlàbá: Ẹ kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì, èyí tí kò ní fóńtì yín. Tí orúkọ yín bá pé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lẹ́tà tán. Kí ẹ wá fa ìlà 100 mm kan sí àyè tó kù nísàlẹ̀, kí wọ́n yan `Actual size`, kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan péré, kí ẹ gbé rúlà lé e níwájú wọn kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Káyọ̀dé22: `Actual size`!!! Ṣé ẹ rí i?

Rọ́lákẹ́_Aláwọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, búlúù mi ńkọ́?